Ìlérí, Gbèsè àti Ẹ̀rí: Ìwé Mẹ́ta Tó Tẹ̀lé Ẹ̀rọ Ìgéwèé Mi

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni àbúrò mi obìnrin kan, tí a jọ ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn rí, pè mí lórí fóònù. Àyà rẹ̀ ń já. Òun náà ti fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ bíi tèmi, ó ń múra láti máa ṣe ọṣẹ olómi tà, ó sì ti béèrè iye tí ẹ̀rọ ìpoṣẹ kan jẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Kò tíì sọ fún wọn pé òun yóò rà á. Lójijì ni wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i. Àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ ínfọ́ìsì, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì tí yóò sanwó sí náà wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ti jẹ wọ́n lówó báyìí?”

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan náà ni mo bi ara mi lọ́dún tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn, tí mo fi owó àjẹmọ́nú tí wọ́n fún mi dá ilé ìtẹ̀wé kékeré kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn nígbà náà. Mo ti kọ ìròyìn nípa ètò ìsúnná, mo ti jókòó níbi tí àwọn mínísítà ti ń ka iye owó tí ẹnu kò lè kà tán, síbẹ̀ n kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ínfọ́ìsì kan àti èkejì. Ẹ̀rọ ìgéwèé kan ló wá kọ́ mi.

Mo sọ fún un pé kí ó ka àkọlé ìwé náà dáadáa. Ó kà á: ínfọ́ìsì pùrófọ́mà. Ọ̀rọ̀ Látìn ni pùrófọ́mà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju “nítorí bí ìlànà ti rí” lọ. Ìwé tí ó dà bí ínfọ́ìsì ni, tí a kọ bí ínfọ́ìsì yóò ti rí bí ọjà bá wáyé, ṣùgbọ́n ọjà kò tíì wáyé. Ẹni tó ń tajà ń sọ pé: bí o bá fẹ́ ra èyí, iye tí n ó tà á fún ọ nìyí, bí n ó ti fi ránṣẹ́ nìyí, ìgbà tí iye yìí yóò dópin nìyí. Ìlérí ni. Akọ̀wé owó rẹ̀ kò ní í kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè nítorí rẹ̀, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ bí ẹni tó ti rajà. Bí o bá dákẹ́ títí ọjọ́ rẹ̀ fi kọjá, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè fi ìwé yẹn gbé ọ lọ sílé ẹjọ́ pé o jẹ òun lówó.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn kò kúkú pè é ní ìwé iye owó lásán, irú èyí tí àwọn káfíńtà àti wẹ́dà wa ń kọ fúnni, tí a ń pè ní kotéṣọ̀n. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kan wà tí wọ́n nílò láti rí ọjà náà lórí ìwé kí ọjà tó ṣẹlẹ̀. Báńkì ni àkọ́kọ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹ̀rọ tèmi. Ẹ̀rọ ìgéwèé oníná kan ni, irú èyí tí ń gé ìdì ìwé lẹ́ẹ̀kan náà kí etí rẹ̀ lè gún. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà ní ìtòsí Ṣàǹgháì. Ìwé pùrófọ́mà wọn kọ ọ́ pé 4,200 dọ́là ni, wọ́n sì fi lẹ́tà mẹ́ta kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: FOB. Ìtumọ̀ lẹ́tà yẹn ni pé iye náà bo ẹ̀rọ náà títí wọn yóò fi gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ṣàǹgháì. Owó ọkọ̀ dé Àpápá kò sí nínú rẹ̀, èmi ni n ó san án. Ẹni tí kò bá wo lẹ́tà mẹ́ta yẹn yóò rò pé ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà òun ni wọ́n ń sọ. Wọ́n tún kọ ọ́ pé kí n san ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ìyẹn 1,260 dọ́là, kí n san 2,940 tó kù nígbà tí wọ́n bá ti gbé e sọ́kọ̀ tí wọ́n sì ti fi àwòrán ìwé ọkọ̀ hàn mí.

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ gba Fọ́ọ̀mù M ní báńkì, kí ó tó sọ fún ẹni tó ń tajà pé kí ó gbé e wá. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni a ti ń kọ ọ́. Ohun tí báńkì fi ń yẹ fọ́ọ̀mù náà wò ni ìwé pùrófọ́mà yìí, pẹ̀lú ìwé adójútòfò tí òfin sọ pé a gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò tó wà nílẹ̀ wa. Báńkì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn náà fọwọ́ sí i, fọ́ọ̀mù sì gba nọ́ńbà. Láti ìgbà náà lọ, 4,200 dọ́là ti di ohun tí ìjọba mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi kò ka èyí sí nǹkan nígbà yẹn. Mo rò pé ìwé ìlérí lásán ni, pé a lè yí i padà bó bá ṣe wù wá.

Mo san 1,260 dọ́là láti inú àkáǹtì dọ́là mi. Báńkì tẹ ìwé kan fún mi tó fi hàn pé owó ti lọ. Mo ká a sínú fáìlì, inú mi sì dùn. Ẹni tó ń tajà kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò béèrè rìsíìtì. Mo lérò pé ìwé báńkì ni rìsíìtì.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sọ́kọ̀, wọ́n sì fi ìwé kejì ránṣẹ́. Ìyẹn ni ínfọ́ìsì ìṣòwò, èyí tí àwọn oníbáńkì ń pè ní kọmáṣà ínfọ́ìsì. Bí ẹ bá gbé òun àti pùrófọ́mà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ lè sọ pé ìbejì ni wọ́n: orúkọ ẹni tó tà, orúkọ ẹni tó rà, irú ọjà, iye, FOB. Ṣùgbọ́n èyí ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n tò sínú ìwé òwò, ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà, ó sọ ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà 8441.10 tí àwọn aṣọ́bodè káàkiri àgbáyé fi ń dá ẹ̀rọ ìgéwèé mọ̀. Ohun tó ń sọ kì í ṣe “bí o bá rà á”. Ó ń sọ pé mo ti tà á fún ọ, ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ mi, o sì jẹ mí ní iye báyìí. Gbèsè ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé yìí ni akọ̀wé owó ń kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún àti níhìn-ín.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí. Iye tó wà lórí ínfọ́ìsì ìṣòwò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kì í ṣe 4,200. Ó jẹ́ 2,940. Akọ̀wé wọn, tí n kò rò pé ó ní èrò ibi kankan, wò ó pé mo ti san ìdá ọgbọ̀n sílẹ̀, ó sì kọ ínfọ́ìsì fún èyí tó ṣẹ́ kù nìkan. Lójú tirẹ̀, ohun tí mo jẹ wọ́n nìyẹn, òun náà ló sì kọ.

Ejẹ́ǹtì tó ń bá mi gba ẹrù jáde rí i, ó pàtẹ́wọ́. “Alàgbà, Ọlọ́run ti ṣe é fún yín. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iye kékeré, owó ibodè kékeré.” N kò ní purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi: ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ti ń tán lọ.

Obìnrin kan ní báńkì ló dá mi dúró. Ó gbé Fọ́ọ̀mù M sí ojú kọ̀ǹpútà, ó gbé ínfọ́ìsì náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó, sà. Ọ̀kan ní 4,200, èkejì ní 2,940. Ẹ̀rọ kan náà. Èwo ni ká gbàgbọ́?” Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ń gba owó lé lórí kì í ṣe iye tí mo ṣì jẹ, bí kò ṣe gbogbo iye tí mo san àti èyí tí n ó san fún ọjà náà, kí wọ́n tó wá fi owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò kún un. Ìlànà Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ni, òun náà ni Nàìjíríà sì ń tẹ̀ lé. Owó tí mo ti san sílẹ̀ kò kúrò lára iye ẹ̀rọ náà nítorí pé mo tètè san án. Bí mo bá gbé 2,940 lọ fún aṣọ́bodè, irọ́ ni mo pa nípa iye ẹrù, ìjìyà rẹ̀ sì wà nínú òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé kan ní Ṣàǹgháì ló kọ̀wé rẹ̀.

Ó tún sọ ohun kan tí ejẹ́ǹtì kò sọ. Ó ní bí ẹ̀rọ náà bá já sínú òkun ńkọ́? Adójútòfò yóò béèrè ínfọ́ìsì ìṣòwò láti mọ iye tí mo pàdánù. Èmi náà yóò sì wá máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wo ohun tí ìwé mi sọ.

Bí ó ti yẹ kí ínfọ́ìsì náà rí rọrùn. Kí wọ́n kọ gbogbo iye ẹ̀rọ lókè, 4,200. Kí wọ́n kọ owó àsansílẹ̀ tí wọ́n gbà sí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n wá kọ èyí tó ṣẹ́ kù sísàlẹ̀. Aṣọ́bodè yóò wo òkè, ẹni tó ń sanwó yóò wo ìsàlẹ̀. Mo kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdáhùn wọn ló wá fi ìwé kẹta hàn mí. Ẹlòmíràn ni ó dá mi lóhùn, ẹni tí ń mójú tó owó wọn. Ó ní àwọn yóò tún un kọ, ṣùgbọ́n owó àsansílẹ̀ tí àwọn rí gbà kì í ṣe 1,260. Ó ní 1,235 ni. Mo bínú. Mo ya àwòrán ìwé báńkì mi, mo fi ránṣẹ́: 1,260, ọjọ́ rẹ̀ rèé, nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Ó rọra dáhùn pé òun kò sọ pé n kò fi 1,260 ránṣẹ́, iye tó wọ àkáǹtì àwọn ni òun ń sọ. Báńkì kan láàrin ọ̀nà ló yọ 25 dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù ìfowóránṣẹ́, wọ́n bi mí pé ta ni yóò san owó àwọn báńkì ọ̀nà, èmi tàbí ẹni tó ń gbà á, tàbí kí a pín in. Mo mú pé kí a pín in láìronú rárá.

Ìgbà náà ló yé mi pé ìwé báńkì kì í ṣe rìsíìtì. Ìwé báńkì sọ pé owó kúrò lọ́wọ́ mi. Rìsíìtì ni ẹni tó gba owó fi ń sọ pé ó dé ọwọ́ òun: iye tó dé, ọjọ́ tó dé, ohun tí a san án fún, ínfọ́ìsì tí ó jẹ mọ́, iye tó ṣẹ́ kù. Láti ẹnu olówó ni ìwé báńkì ti jáde, láti ẹnu ẹni tó gbowó ni rìsíìtì ti ń jáde, ẹnu ẹni tó gbowó nìkan ló sì lè pa gbèsè rẹ́. Ká ní mo ti béèrè rìsíìtì ní ọjọ́ tí mo san owó àsansílẹ̀, mo ìbá ti rí 25 dọ́là náà ní oṣù kan àti ààbọ̀ ṣáájú, kò sì ní í jẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ mi wà lórí omi ni a ó máa jiyàn lé e.

Wọ́n fi rìsíìtì 1,235 ránṣẹ́, wọ́n tún ínfọ́ìsì kọ: 4,200 lókè, àsansílẹ̀ 1,235, èyí tó kù 2,965. Mo san án, mo sì mú pé èmi ni n ó san owó àwọn báńkì ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Báńkì mi fi ínfọ́ìsì, ìwé àkójọ ẹrù àti ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n sì fún mi ní PAAR, ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò iye tí ẹrù yóò san kí ó tó dé, èyí tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń ṣe fúnra wọn láti oṣù Kejìlá ọdún 2013. Àtúnkọ ínfọ́ìsì náà gbà wá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí PAAR jáde, ẹrù ti dé Àpápá, mo sì san owó ìpamọ́ ọjọ́ mẹ́rin lé e lórí.

Ẹ lè rò pé mo ti gbọ́n. Mo ti gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Nílé, ó ku ohun kan tí n kò tíì mọ̀.

Nínú ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ́fíìsì kan, tí n kò ní dárúkọ, ní kí n tẹ ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan fún àwọn. Mo fún wọn ní pùrófọ́mà, 385,000 náírà, wọ́n fi kọ ìwé àṣẹ ìrajà. Mo tẹ iṣẹ́ náà, mo gbé e lọ, akọ̀wé tó ń tọ́jú ẹrù fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á, mo sì fún wọn ní ínfọ́ìsì. Títí dé ibẹ̀, kò sí àṣìṣe. Bàbá tó wà ní yàrá owó wá ní kí n mú rìsíìtì wá, nítorí fáìlì kò lè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá fún ìfọwọ́sí bí kò bá pé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń ṣe. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Mo kọ rìsíìtì 385,000 náírà, mo tẹ òǹtẹ̀ lé e, mo fọwọ́ sí i, mo sì padà sílé láti máa retí owó.

Wọ́n gbé bàbá náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ṣí fáìlì mi, ó rí rìsíìtì, ó sì bi mí pé owó wo ni mò ń béèrè. Mo fi ínfọ́ìsì hàn án. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gbèsè wà, ṣùgbọ́n ìwé tìrẹ nìyí tó sọ pé a ti san án. Ohun tó ṣòro jù ni pé kò purọ́. Ìbuwọ́lùwé mi ni.

Oṣù méje ni mo fi tẹ̀ lé owó náà. Ohun tó gbà mí ni pé rìsíìtì mi kò ní nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀kì kankan nínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nọ́ńbà ìfowóránṣẹ́, nítorí kò sí ohun tí mo lè kọ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wéwò tiwọn fúnra wọn ń bá ìwé owó wọn wí, wọ́n wá ibi tí 385,000 ti kúrò ní àkáǹtì lọ sọ́dọ̀ mi, wọn kò rí i. Mo gba owó náà ní oṣù kẹjọ. Láti ìgbà náà, bí ọ́fíìsì kan bá ní fáìlì kò lè lọ láìsí rìsíìtì, mo máa ń kọ ìwé sí wọn pé ínfọ́ìsì mi àti ìwé ìgbàrù ni wọn yóò fi béèrè àṣẹ, rìsíìtì yóò dé láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún tí owó bá wọlé. Àwọn kan bínú, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ. Bí owó bá sì dé, n kì í gba àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù gbọ́, nítorí àwọn oníjìbìtì ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Mo máa ń ṣí àkáǹtì gan-an wò kí n tó mú ìwé rìsíìtì.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi lórí fóònù, ó sì gùn ju bí ó ti retí lọ. Mo ní kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ó bá fẹ́ ẹ̀rọ náà, kí ó kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tún pùrófọ́mà náà kọ kí ó tó gbé e lọ sí báńkì, nítorí mo bi í bóyá wọ́n kọ FOB síbẹ̀ tàbí orúkọ èbúté kankan, ó ní rárá, iye lásán ni. Kí wọ́n sọ ọjọ́ tí iye náà yóò dópin. Kí wọ́n sì ṣèlérí nínú ìwé pé ínfọ́ìsì ìṣòwò yóò gbé gbogbo iye ẹ̀rọ, kì í ṣe èyí tó kù nìkan, àti pé rìsíìtì yóò tẹ̀ lé owó àsansílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá rí i gbà.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró bíírò lórí ìwé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún èyí tó kẹ́yìn sọ.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó fi pùrófọ́mà tuntun náà ránṣẹ́ sí mi. FOB Ṣẹ́ńsẹ́nì ni wọ́n kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ̀n ọjọ́ tí iye náà yóò fi dúró. Ó ní òun kò tíì pinnu bóyá òun yóò rà á.